Lẹ́tà Àtúntàn Sáfà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Mo kọ lẹ́tà sí Màdáàmù Olùdarí wa ní Àjàṣẹ́ pé kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan ààbọ̀ lálẹ́ Àìkú, kí n pa sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà wa wà lórí rẹ̀, kí n sì tún un tàn nítorí àtúnṣe kẹ́nẹ́ẹ̀lì. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan náà ló ń ti Kétu wá, tó ń ti Sábẹ wá, tó sì ń ti yàrá ìṣirò owó tó fi ògiri ti tèmi wá. Mo kó wọn jọ síbí.

Kí ni kẹ́nẹ́ẹ̀lì gan-an?

Sáfà wa ń lo Debian 12, Linux sì ni kẹ́nẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni ètò ìpìlẹ̀ tí ẹ̀rọ máa ń gbé sínú mẹ́mórì nígbà tí a bá tàn án. Òun ló ń bá dísìkì, mẹ́mórì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ètò tí ẹ fi ń kọ owó àwọn oníbàárà sílẹ̀ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan dísìkì. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì ló máa bẹ̀, kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni yóò sì wò ó bóyá ẹni tó béèrè lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó béèrè.

Ẹ ní ẹ ti fi àtúnṣe náà sí i láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kí ló tún kù?

Ó wà lórí dísìkì, kò tíì sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó dà bí aṣọ tuntun tí télọ̀ gbé wá tó ṣì wà nínú àpótí: èyí tó wà lọ́rùn lèèyàn ń wọ̀ káàkiri. Ohun tí mo rí lórí sáfà wa nìyí:

```
$ uname -r
6.1.0-17-amd64
$ ls /boot/vmlinuz-*
/boot/vmlinuz-6.1.0-17-amd64
/boot/vmlinuz-6.1.0-21-amd64
```

Ìlà àkọ́kọ́ béèrè kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ìdáhùn sì ni 17. Èkejì béèrè àwọn tó wà lórí dísìkì, a sì rí 17 àti 21. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti yàtọ̀ báyìí, iṣẹ́ kò tíì parí, bí ẹni tó fi í sí i tiẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ó parí.

Àwọn ètò yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátábéèsì wa, bá gba àtúnṣe, mo lè dá òun nìkan dúró kí n tún un gbé dìde, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n orí kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ètò dúró lé, PostgreSQL náà pẹ̀lú. A ò lè yọ ọ́ lábẹ́ wọn kí wọ́n má ṣubú.

Kí ló burú nínú 17 tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́? Kò kúkú dá wa láàmú.

Ihò kan wà nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CVE-2024-1086. Apá kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àyẹ̀wò ohun tó ń wọlé tó ń jáde lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wà, èyí tí wọ́n ń pè ní nf_tables. Apá náà máa ń dá àyè mẹ́mórì kan padà, síbẹ̀ ó tún lè padà wá lò ó bí ẹni pé ó ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò ti kó nǹkan tirẹ̀ sí àyè náà kí kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó padà dé. Bó ṣe máa di alágbára gbogbo lórí ẹ̀rọ nìyẹn. Láti 6.1.0-18 ni Debian 12 ti dí ihò yìí.

Ẹnìkan gbé ètò tó ń gba ihò náà wọlé jáde ní gbangba ní oṣù kẹta 2024. Ní ìparí oṣù karùn-ún, àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ìjọba Amẹ́ríkà fi kún àkójọ àwọn ihò tí wọ́n mọ̀ pé àwọn olè ti ń lò.

Ṣé kì í ṣe ẹni tó bá ti wà nínú sáfà tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè lo ihò náà? Ta ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yin?

Òótọ́ ni pé ẹni tó wà lóde pátápátá kò lè ti òde lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ìwé tí àwọn oníbàárà ti ń wo iye owó wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ kékeré kan, `www-data`, tí kò ní àṣẹ kankan ju kó ka fáìlì tirẹ̀ lọ. Bí àṣìṣe kékeré kan bá wà nínú ojú ìwé náà tí àjèjì sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú bàtà `www-data`, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ kó dúró sí. Ihò inú kẹ́nẹ́ẹ̀lì ni yóò ṣílẹ̀kùn yàrá fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó àwọn èèyàn wà nínú yàrá.

Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí sáfà máa tún ara rẹ̀ tàn lóru, kí gbogbo wa sùn?

Ó ṣeé ṣe, àwọn kan sì ń ṣe é. Lórí ẹ̀rọ mẹ́wàá tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, èmi náà á ṣe é. Ẹyọ kan la ní.

Ní oṣù Kejìlá 2023, Debian fẹ́ gbé 12.3 jáde. Wọ́n wá rí i pé kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀, 6.1.64-1, lè ba àkọsílẹ̀ jẹ́ lórí dísìkì tí wọ́n ṣètò ní ext4. Ext4 náà ni dísìkì tiwa. Wọ́n so ìgbéjáde náà rọ̀, wọ́n yára ṣe 6.1.66-1, wọ́n sì gbé 12.4 jáde dípò. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ tàn lóru lè ti wọ inú èyí tó burú náà kó tó jí. Nítorí náà, bí kì í bá ṣe pé iná ń jó, mo máa ń jẹ́ kí kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun lo ọjọ́ mélòó kan níta kí n tó gbé e sẹ́nu iṣẹ́. Ti ẹ̀ẹ̀yìí, iná ń jó díẹ̀.

Bí a bá kàn fi sílẹ̀ títí ńkọ́? Ọjọ́ 141 ló ti ń ṣiṣẹ́ láìkú.

Mo mọ̀ pé ọjọ́ 141 náà wu yín, ó wu èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí máa kú lọ́jọ́ kan, a fẹ́ ni o, a kọ̀ ni o. Bátìrì tó ń gbé e dúró nígbà tí iná bá lọ kò kọjá ìṣẹ́jú 25. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ láti dáhùn lọ́jọ́ náà, sáfà yóò kú lójijì, ní àárín iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Nígbà tí iná bá dé, GRUB, ìyẹn ètò tó ń yan kẹ́nẹ́ẹ̀lì nígbà ìtànná, yóò mú èyí tó tuntun jù lórí dísìkì. Ìyẹn ni pé 21 tí ẹnikẹ́ni kò tíì tàn wò rí ni yóò gbéra, bóyá ní aago 11 òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń san owó oṣù, tí èmi sì wà lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀. Àtúntàn kò ṣeé sá fún. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwa fúnra wa yan ọjọ́ rẹ̀, kí ẹnìkan sì jókòó tì í.

Ìṣẹ́jú mélòó ni àtúntàn ń gbà? Kí ló dé tí ẹ fi béèrè ìṣẹ́jú 90?

Àtúntàn gan-an kò ju ìṣẹ́jú 7 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìgbà tí sáfà ń ka mẹ́mórì ara rẹ̀ kí kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó dé rárá. Mo fi 10 ṣíwájú fún kíkìlọ̀ àti rírí i pé kò sẹ́ni tó ṣì ń kọ nǹkan. 20 wà fún dídá dátábéèsì dúró ní pẹ̀lẹ́tù àti ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́yìn àtúntàn, 18 wà fún àyẹ̀wò: mo máa wọlé bí òṣìṣẹ́ Kétu, mo máa kọ owó ìdánwò sílẹ̀, mo máa pa á rẹ́, mo máa tẹ ìwé ẹ̀rí kan jáde.

35 tó kù jẹ́ ti ìpadàsẹ́yìn sórí kẹ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Bí nǹkan bá dára, a ò ní lò ó, ẹ ó sì rí i pé a ti ṣílẹ̀kùn kí àkókò tó pé. Ẹni tó bá béèrè ìṣẹ́jú 10 fún iṣẹ́ yìí ti ń ta tẹ́tẹ́ pé kò sóhun tó máa bàjẹ́.

Ẹ ní alẹ́ Àìkú, ẹ tún ní kì í ṣe gbogbo Àìkú. Kí ló fà á?

Nítorí ọjà Àjàrá. Àwọn agbowó wa tó ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà máa ń padà wálé lálẹ́ ọjọ́ ọjà, wọ́n sì lè kọ nǹkan sórí sáfà títí aago 11 fi kọjá. Ọjà náà kì í tẹ̀lé ọ̀sẹ̀ oníjọ́ méje; ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń ná an.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mẹ́rin àti méje kì í pàdé àfi ní ọjọ́ 28. Láàárín ọjọ́ 28 náà, ọjà yóò ná ìgbà méje, yóò sì bọ́ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Nínú Àìkú mẹ́rin, ẹyọ kan ni ọjà yóò bọ́ sí. Èyí ni a ò gbọdọ̀ mú, mẹ́ta yòókù ṣí sílẹ̀. Mo yọ Àìkú tó bá súnmọ́ ìparí oṣù kúrò, mo sì yọ èyí tó bá súnmọ́ ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní oṣù kìíní, torí kò sẹ́ni tí n óò rí ràn mí lọ́wọ́ nígbà náà.

Ní ti aago, ẹ̀dà òru máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 1. Mo yan 10 sí 11 ààbọ̀ kí àwọn méjèèjì má baà forí gbárí.

Kí ni kí àwa tó wà ní Kétu àti Sábẹ ṣe ní àkókò náà?

Ẹ jáde nínú ètò kí aago 10 tó lù, ẹ má kàn ti ojú ìwé rẹ̀ pa. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ pàjáwìrì, kó kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé, kó sì gbé e wọlé láàárọ̀ Ajé. Ẹ má tẹ bọ́tìnì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti mọ̀ bóyá ó ti dé. N óò pe yín.

Ṣé a lè rí lẹ́tà náà ka?

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ gùn ní ojú ewé mẹ́ta. Màdáàmù dá a padà, wọ́n fi bírò pupa kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: «Ta ni kò ní rí owó gbà?» Mo wò ó láti òkè délẹ̀, mi ò rí ìdáhùn sí i nínú gbogbo ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí wọ́n buwọ́ lù rèé:

«Màdáàmù Olùdarí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojúṣe. Mo ń tọrọ ìyọ̀ǹda láti pa sáfà kí n sì tún un tàn lálẹ́ Àìkú tó ń bọ̀, láti aago 10 sí 11 ààbọ̀. Kò sí oníbàárà tí kò ní rí owó gbà, nítorí gbogbo ẹ̀ka ti sé. Àwọn tó fẹ́ wo iye owó wọn lórí fóònù nìkan ni kò ní rí i títí a ó fi ṣetán.

«Ìdí rẹ̀ ni pé àtúnṣe tó dí ihò ààbò kan ti wà lórí dísìkì, ṣùgbọ́n kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyàfi bí a bá tún ẹ̀rọ tàn. Bí a kò bá ṣe é, ihò náà ṣí sílẹ̀, ọjọ́ tí iná bá sì lọ ni ẹ̀rọ yóò yan àkókò tirẹ̀.

«Bí kò bá lọ déédéé títí aago 10:55, n óò padà sí kẹ́nẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ẹ̀ka yóò sì ṣí láàárọ̀ Ajé bó ṣe máa ń ṣí. Èmi fúnra mi ni yóò jókòó ti ẹ̀rọ náà. N óò pè yín ní aago 11 ààbọ̀, yálà ó dára tàbí kò dára.»

Gbólóhùn aago 10:55 ni wọ́n ní ó mú wọn buwọ́ lù ú. Wákàtí tí a ó jáwọ́ gbọdọ̀ wà nínú lẹ́tà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí lóru, ẹni tó ti rẹ̀ yóò máa sọ pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n lè tún kẹ́nẹ́ẹ̀lì ṣe láìpa ẹ̀rọ. Ṣé ẹ kò mọ̀ ọ́n ni?

Mo mọ̀ ọ́n. Láti Linux 4.0 ní 2015 ni ọ̀nà rẹ̀ ti wà nínú kẹ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń darí ẹni tó bá ń lọ síbi àṣìṣe gba ọ̀nà tuntun, bí ìgbà tí wọ́n gbé igi dí títì tó bàjẹ́ tí wọ́n sì la ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ó dára fún àtúnṣe kékeré. Bí àtúnṣe bá yí bí kẹ́nẹ́ẹ̀lì ṣe ń to nǹkan sínú mẹ́mórì padà, ó máa ń ṣòro gan-an, nítorí àwọn nǹkan tó ti tò tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní ìtò àtijọ́.

Ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa ṣe àtúnṣe irú èyí fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ubuntu, Red Hat àti SUSE ń ṣe é fún àwọn oníbàárà wọn. Debian kì í pín in. Àwọn tó ń lò ó pàápàá ṣì ń yan ọjọ́ tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ tàn. Ó kàn jẹ́ kí wọ́n lè sún un síwájú ni.

Bí kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun bá kọ̀ láti gbéra ńkọ́?

A kì í yọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ kúrò lórí dísìkì kí tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo máa ń sọ fún GRUB pé 17 ni kó máa mú lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kó gbìyànjú 21 lẹ́ẹ̀kan péré. `GRUB_DEFAULT=saved` gbọ́dọ̀ ti wà nínú `/etc/default/grub`, kí a sì ti ṣe `update-grub`. Lẹ́yìn náà:

```
grub-set-default "1>2"
grub-reboot 0
reboot
```

«1>2» túmọ̀ sí ìlà kẹta nínú àkójọ kejì, torí odo ni GRUB ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lórí sáfà tiwa, 17 ló wà níbẹ̀. Lórí tiyín ó lè jẹ́ òmíràn, ẹ kà á fúnra yín. Bí 21 bá dákú, àtúntàn tó bá tẹ̀lé e yóò gbé wa padà sórí 17. Mo tún fi `panic=30` sí ìlà kẹ́nẹ́ẹ̀lì, kí ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30 bí kẹ́nẹ́ẹ̀lì bá kígbe pé òun ti dákú. Nígbà tí àyẹ̀wò bá parí, `grub-set-default 0` ni yóò sọ tuntun di ti gbogbo ìgbà.

Ó ní ibi tó mọ. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì mìíràn kì í kígbe, ó kàn máa ń dúró gbagidi lójú kan ni. Ọwọ́ èèyàn nìkan ló lè tẹ bọ́tìnì nígbà yẹn. Ìdí tí mi ò fi lè ṣe é láti ilé nìyẹn.

Nínú gbogbo àtúntàn tí ẹ ti ṣe, kí ló sábà máa ń bàjẹ́?

Kẹ́nẹ́ẹ̀lì kọ́. Ohun tí èèyàn ti yí padà láàárín oṣù mélòó kan tó sì gbàgbé ni.

Níbi iṣẹ́ tí mo ti wá, mo tún ẹ̀rọ tàn lóru, gbogbo rẹ̀ dára, mo lọ sùn. Láàárọ̀, kò sí oníbàárà tó rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé owó òun ti wọlé. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ló ti fi ọwọ́ gbé ètò àtẹ̀jíṣẹ́ náà dìde nínú fèrèsé dúdú kan, tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀rọ pé kó máa gbé e dìde fúnra rẹ̀. Àná ni mo pa á láìmọ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ orúkọ gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó pa ẹ̀rọ, mo sì máa ń fi `systemctl is-enabled` bi ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá yóò dìde fúnra rẹ̀.

Èkejì ni dísìkì tí wọ́n ti yọ kúrò tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú `/etc/fstab`. Sáfà yóò máa dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 90, lẹ́yìn náà yóò jókòó síbi ìtànná pàjáwìrì, yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lójú tẹlifíṣàn rẹ̀, nígbà tí gbogbo ẹ̀ka rò pé ó ti kú. `findmnt --verify` máa ń fi í hàn kí ẹ tó pa ẹ̀rọ. Dísìkì tí kì í ṣe dandan, ẹ fi `nofail` sí ìlà rẹ̀.

Bó bá wá bàjẹ́ lóòótọ́, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá kẹ́nẹ́ẹ̀lì tuntun ló fà á tàbí àìtún-tàn ọjọ́ 141?

Ìbéèrè yìí wá láti Sábẹ, òun ló sì dára jù nínú gbogbo wọn. Bí mo bá pa á lẹ́ẹ̀kan tí mo sì bọ́ sórí 21 tààrà, mi ò ní mọ̀. Nǹkan méjì ni mo máa yí padà pọ̀: kẹ́nẹ́ẹ̀lì, àti gbogbo ohun tí a ti fọwọ́ kàn láti oṣù kìíní.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa tún un tàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àkọ́kọ́, mo máa jẹ́ kó padà sórí 17, kẹ́nẹ́ẹ̀lì tó ń lò tẹ́lẹ̀. Bí nǹkan kan bá kọ̀ láti dìde, kẹ́nẹ́ẹ̀lì kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo máa wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú `/etc/fstab` àti àwọn ètò tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dìde. Nígbà tí 17 bá dìde láìsí ẹ̀sùn ni mo máa bọ́ sórí 21, bí ohun kan bá sì bàjẹ́ nígbà yẹn, mo mọ ẹni tí mo máa mú. Ìṣẹ́jú 7 ni àfikún rẹ̀. Láti inú 35 ti ìpadàsẹ́yìn ni mo ti yọ ọ́, aago 10:55 inú lẹ́tà wá di 11:02, Màdáàmù sì ti mọ̀.